Ta Ni Ó Mú Pọ́ọ̀sì Náà?

Ìbéèrè: “Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá fún bí ọdún kan ààbọ̀ ni mò ń kọ́. Mo kọ ìtàn kékeré kan fún wọn nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó sọ pọ́ọ̀sì rẹ̀ nù ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kà á tán, ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n ní obìnrin òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ ni ó jí pọ́ọ̀sì náà, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin yẹn gan-an ni ó dá a padà. Ibi ìjíròrò ni wọ́n ti ṣìnà. Ṣé kí n yọ ìjíròrò kúrò, kí n kàn máa ròyìn ohun tí wọ́n sọ?”

Ẹ má yọ ìjíròrò kúrò. Mo ka ìtàn tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi ìlà sí abẹ́ gbogbo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rò pé olè ni obìnrin náà. Yàtọ̀ sí ọ̀kan, tí n ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́, kò sí èyí tí ó bọ́ sí ibi tí ẹnìkan ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ ti dá ọ̀rọ̀ ẹnu dúró, tí ẹ wá ń ròyìn ohun tí ẹnìkan sọ fún ẹnìkejì, ni gbogbo ìyókù wà. Bí ẹ bá sọ ìtàn náà di ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín rú ni ẹ ń sọ di púpọ̀.

Ẹ ka iye àwọn ọ̀rọ̀ tuntun kí ẹ tó fi ìtàn náà lé wọn lọ́wọ́, ohun tí ó yẹ ni ẹ sì ṣe. Ní ọdún 2000, Marcella Hu àti Paul Nation tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ń ka ìtàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ohun tí ìwádìí náà tọ́ka sí ni pé kí irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ tó lè ka ìtàn ní ìrọ̀rùn láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kí ó ti mọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100. Ìtàn yín tó nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀, nítorí náà àyè ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, márùn-ún péré ni ẹ sì lò. Ìṣirò yín kò ní àṣìṣe. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ti mọ̀ hàn wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣi àwọn ènìyàn yín lọ́nà ni “ó”, “sọ”, “ní”, “mú” àti “fi pamọ́”, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn kò tí ì kọ́ láti oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ àjèjì a máa dúró, a sì bèèrè. Ẹni tí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kan, tí kò mọ̀ pé ó ní èkejì, kì í dúró rárá, a kàn máa bá a lọ pẹ̀lú ìtumọ̀ tí kò tọ́.

Gbólóhùn tí ó ba ìtàn náà jẹ́ jù lọ nìyí: “Òṣìṣẹ́ náà sọ pé ó mú pọ́ọ̀sì náà lórí àga, ó sì fi í pamọ́.” Ọkùnrin tí ń gbálẹ̀, tí ẹ mẹ́nu kàn ní gbólóhùn méjì ṣáájú, ni ẹ ní lọ́kàn. Etí ẹni tí a bí sínú èdè yìí gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láìronú, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ara rẹ̀ ni obìnrin náà ń sọ, “òṣìṣẹ́ náà sọ pé òun mú pọ́ọ̀sì náà” ni à bá gbọ́. Nígbà tí a bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ tàbí èrò ẹnìkan, “òun” ni ó ń tọ́ka sí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, tí “ó” sì ń tọ́ka sí ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí kò sí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Ẹni tí èdè tirẹ̀ ń fi arọ́pò orúkọ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì yóò rí “ó”, yóò wá ẹni tí a dárúkọ kẹ́yìn, òṣìṣẹ́ náà ni yóò sì bá níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ka gbólóhùn náà bí ẹni pé “òun” ni ẹ kọ. Ẹ tún rántí pé “ó” wa kì í ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kì í tilẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára nǹkan. Ènìyàn mẹ́ta àti pọ́ọ̀sì kan ni ó wà nínú ìtàn yín, “ó” kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́ nínú ìpínrọ̀ kan náà.

Kí ẹ má sì rò pé kí a kàn fi “òun” kún un ni yóò tán an. Ní òpin ìtàn, ẹ kọ ọ́ pé: “Obìnrin náà sọ pé òun ni ó mú un wá.” Èmi tí mo ń sọ Yorùbá láti kékeré, mo ní láti padà sẹ́yìn kí n tó mọ̀ bóyá obìnrin náà ni “òun” yìí, tàbí ọkùnrin tí ń gbálẹ̀ ni a ń tẹnu mọ́, nítorí iṣẹ́ ìtẹnumọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu tààrà kò ní irú ìyọnu yìí. Bí obìnrin náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “mo tọ́jú rẹ̀”, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ta ni “mo”. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ẹnu béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí àmì ohùn pé, nítorí “o rí i” ni a ń sọ sí ẹni tí ó wà níwájú wa, “ó rí i” ni a sì ń sọ nípa ẹlòmíràn. Nínú ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́, àmì ti bọ́ lórí “ó” níbi mẹ́rin, méjì nínú wọn sì wà nínú ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ.

“Fi pamọ́”, ọ̀rọ̀ ìṣe inú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, náà dá kún un. À ń fi owó pamọ́ kí ó má bàa sọnù, bẹ́ẹ̀ ni olè ń fi ohun tí ó jí pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Nígbà tí “mú” tún ṣáájú rẹ̀, tí pọ́ọ̀sì náà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rò? Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ọ̀ràn yìí mu ju “mú” lọ, ìyẹn “rí he”: ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ tí ẹlòmíràn rí ni a ń sọ pé ó rí he, kò sì sí òórùn olè nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tuntun ni yóò jẹ́ fún wọn, ó sì ń yapa sí méjì, bíi “ó rí i he”, ṣùgbọ́n àyè ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ yín, n kò sì mọ ìtàn tí ó yẹ kí a ná ọ̀kan lé e lórí ju èyí lọ. Dípò “fi pamọ́”, ẹ lo “tọ́jú”. Bákan náà, ẹ lo “pọ́ọ̀sì” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má ṣe pa á dà sí “àpamọ́wọ́” lójú ọ̀nà, nítorí àpò tí àwọn obìnrin ń gbé dání ni ọ̀rọ̀ kejì yẹn ń mú wá sọ́kàn ẹlòmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé nǹkan méjì ni ó sọnù.

Nípa “sọ”, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà yín àkọ́kọ́: “Ó sọ pọ́ọ̀sì rẹ̀ nù.” Akẹ́kọ̀ọ́ rí “ó sọ”, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sí ọ̀rọ̀ ẹnu kí ó tó dé “nù” tí ó wà lẹ́yìn. Nínú ìtàn mìíràn, èyí ìbá má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n “sọ pé” wà nínú ìtàn tiyín ní ìgbà mọ́kànlá. Ẹ kọ́kọ́ lo “pọ́ọ̀sì rẹ̀ sọnù”, kí wọ́n ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí “sọ ọ́ nù” tó dé. Ẹ sì ṣọ́ra fún “ní” tí ẹ fi ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. “Ó ní pọ́ọ̀sì dúdú ni” jẹ́ ohun tí ó sọ, “ó ní pọ́ọ̀sì dúdú” jẹ́ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, “ni” kékeré tí ó gbẹ̀yìn nìkan ni ó sì là wọ́n láàárín. Nígbà tí ẹ bá ń sọ èyí nípa obìnrin tí a ti ń fura sí, ẹ ti fi pọ́ọ̀sì náà lé e lọ́wọ́ nìyẹn.

Èyí tí mo ní ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an kì í ṣe ti gírámà. Obìnrin náà bèèrè àwọ̀ pọ́ọ̀sì, ó bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó bèèrè ibi tí ó ti bọ́, nígbà tí òǹkàwé ti fura pé pọ́ọ̀sì náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú ohun tó sọnù ṣe nìyẹn. Kì í ṣàpèjúwe nǹkan náà fún ẹni tí ó wá bèèrè. Ẹni náà ni yóò ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹni tí kò ni ín má bàa gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun ni, tí yóò sì fọwọ́ síwèé. Ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí kò mọ̀, ohun tí ó sì rí ni obìnrin tí ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Gbólóhùn kan lẹ́nu obìnrin náà yóò tú u. Ìṣòro kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí ìtàn yín kò fọwọ́ kàn, tí ó sì lè mú un dùn sí i: káàdì ìdánimọ̀ ẹni tí pọ́ọ̀sì rẹ̀ sọnù sábà máa ń wà nínú pọ́ọ̀sì náà.

Mo tún un kọ báyìí. Mo sọ obìnrin náà di àgbà tí a ń pè ní Màmá, mo sì sọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Akin.

Akin dé ibùdókọ̀ ojú irin ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi í sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga gígùn kan. Nígbà tí ọkọ̀ dé, Akin dìde kíákíá. Ó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ sí àpò ṣòkòtò rẹ̀. Àpò náà ṣófo. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ ti sọnù! Akin sáré padà sídìí àga, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì. Màmá kan jókòó sídìí tábìlì.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, pọ́ọ̀sì mi sọnù.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ibo ni o ti rí i kẹ́yìn?”

“Níbi tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mà. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sórí àga. Bóyá ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ nù.”

“Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n mọ bí pọ́ọ̀sì náà ṣe rí. Gbogbo ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá sọnù ni mo máa ń bi ní ìbéèrè yìí.”

“Pọ́ọ̀sì dúdú ni, mà. Ó kéré. Etí rẹ̀ kan ti ya.”

“Kí ni ó wà nínú rẹ̀?”

“Tíkẹ́ẹ̀tì mi, mà, àti owó díẹ̀, àti káàdì ìdánimọ̀ mi.”

“Ṣé o ní nǹkan mìíràn tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀?”

“Rárá, mà. Káàdì yẹn nìkan ni mo ní, inú pọ́ọ̀sì ni ó sì wà.”

Màmá ṣí àpótí kan. Màmá mú pọ́ọ̀sì dúdú kan jáde. Wọ́n wo àwòrán ara káàdì, wọ́n sì wo ojú Akin.

“Ìwọ ni lóòótọ́. Ọkùnrin tí ó ń gbálẹ̀ ni ó rí i he lábẹ́ àga. Ó gbé e wá fún mi, mo sì bá ọ tọ́jú rẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, mà! Ẹ ṣeun gan-an! Ibo ni ọkùnrin náà wà?”

“Ó wà níta. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ka owó rẹ, kí o sì kọ orúkọ rẹ sínú ìwé yìí.”

Akin ka owó náà. Owó náà pé. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó sì jáde. Ọkọ̀ ojú irin ti lọ. Ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga gígùn náà.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo ni pọ́ọ̀sì tí ẹ rí he.”

“Ìwọ ni? Mo pè ọ́ nígbà tí o dìde, ṣùgbọ́n o ti sáré lọ.”

Ẹ ó rí i pé n kò lo “sọ pé” rárá, n kò sì lo “ó dáhùn” tàbí “ó bèèrè” lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀wọ̀ ni ó ń fi ẹni tí ń sọ̀rọ̀ hàn. Ẹni tí ó bá sọ “ẹ” tàbí “mà” tàbí “sà”, Akin ni. Ẹni tí ó bá sọ “o” sí i, àgbà ni. Ìdí tí mo fi sọ òṣìṣẹ́ náà di àgbà nìyẹn, nítorí bí wọ́n bá jẹ́ ẹgbẹ́, tàbí bí àwọn méjèèjì bá ń pe ara wọn ní “ẹ”, àmì yẹn yóò pòórá, ẹ ó sì ní láti máa dárúkọ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ní ewu tirẹ̀. “Wọ́n” tí a fi bọ̀wọ̀ fún Màmá lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ènìyàn púpọ̀ ti wọ ọ́fíìsì náà, nítorí náà ni mo fi pe “Màmá” lẹ́ẹ̀mejì kí “wọ́n” tó dé, tí n kò sì lò ó níbòmíràn. Mo tún fi “ka” sílẹ̀ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Owó tí ó tẹ̀ lé e yóò tọ́ wọn sọ́nà, bí wọ́n bá sì ṣì í, kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ di olè nínú ìtàn náà.

Ohun tí ẹ̀dà tèmi pàdánù ni “òun”, èyí tí kò sí nínú rẹ̀ rárá, tí ó sì yẹ kí ẹni tí ó ti kọ́ Yorùbá fún ọdún kan ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Èmi kì í kọ́ ọ nínú ìtàn. Mo máa ń dúró kí wọ́n ka ìtàn tán, kí ó sì dá mi lójú pé wọ́n mọ ẹni tí ó ṣe kí ni, kí n tó ní kí wọ́n ròyìn ọ̀rọ̀ Màmá fún mi. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ohun tí n ó gbọ́ ni pé: “Màmá sọ pé ọkùnrin tí ó ń gbálẹ̀ ni ó rí i he, pé ó gbé e wá fún òun, òun sì bá Akin tọ́jú rẹ̀.” Nígbà yẹn, ìtàn fúnra rẹ̀ ni yóò máa tún wọn ṣe. Ẹni tí ó bá fi “òun” sí ibi “ó” yóò rí i pé Màmá ti gbé pọ́ọ̀sì wá fún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì là sí i láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé òfin kankan.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀dà tuntun ṣiṣẹ́, ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí àwọn tí wọ́n ka Màmá sí olè náà gbà pé ìtàn yín yé wọn. Ẹ ní kí wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan pọ́ọ̀sì náà bí ó ṣe tẹ̀ léra. Akin ni yóò ṣíwájú, ọkùnrin tí ń gbálẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Màmá, kí ó tó padà dé ọwọ́ Akin. Ẹni tí kò bá rí i tò, ẹ ní kí ó fi ìka sórí gbólóhùn tí ó mú un rò bẹ́ẹ̀. Bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún bá bọ́ sórí gbólóhùn kan náà, gbólóhùn yẹn ni kí ẹ tún kọ. Bí ìka bá fọ́n káàkiri, ìtàn náà ga ju wọn lọ, àtúnṣe gbólóhùn kan kò sì lè wò ó sàn. N kò mọ èdè abínibí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, ó sì lè yí ohun tí mo sọ nípa “òun” padà, nítorí àwọn èdè kan wà tí wọ́n ní irú ìyàtọ̀ yìí. Èdè Ewe ní “yè” tí ń ṣe iṣẹ́ tí “òun” ń ṣe nínú ìròyìn. Bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń sọ Ewe, ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó wo ti àwọn yòókù, kí ẹ lè mọ̀ bóyá òun náà wà lára àwọn tí wọ́n pe obìnrin náà ní olè.